Ẹnu Ta Ni Ó Yẹ Kí Ìyìn Ti Jáde?

Nínú àpérò àwọn olùkọ́, kí olùbánisọ̀rọ̀ tó dìde, atọ́kùn ètò a kọ́kọ́ ka ìwé pélébé kan sétígbọ̀ọ́ àwùjọ. Ìwé náà a máa sọ ẹni tí olùbánisọ̀rọ̀ jẹ́ àti ohun tí ó mú un yẹ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́ ni ó máa ń dún, ṣùgbọ́n olùbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Láwùjọ Yorùbá, ẹlòmíràn ní í kini ní oríkì. Ẹni tí ó bá ń ki ara rẹ̀ láàrin ọjà, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín.

Olùkọ́ kan wà ní Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè ní Ìyáàfin Lágbájá. Wọ́n pè é kí ó wá bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn, wọ́n sì ní kí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó má ju ọ̀rọ̀ 80 lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Gbajúgbajà olùkọ́ tí ìmọ̀ wọn kò láfiwé ni Ìyáàfin Lágbájá. Ògbóǹtarìgì ni wọ́n nínú èdè Yorùbá, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sì ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀ àmì ohùn.”

Bí olùgbọ́ bá béèrè pé, “Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?”, kò sí ìdáhùn nínú ìwé náà. Gbajúgbajà, ògbóǹtarìgì àti ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jẹ́ ìdájọ́, adájọ́ ibẹ̀ sì ni ẹni tí ẹjọ́ kàn. Ohun tí ó yẹ kí ó dípò wọn ni iṣẹ́ tí ojú rí: ibo, láti ìgbà wo, kí ni a ṣe, ta ni ó jàǹfààní rẹ̀. Bí ẹ̀bùn bá wà, kí a dárúkọ ẹni tí ó fúnni àti ọdún tí ó fúnni. Ìyẹn kì í ṣe ìfọ́nnu, nítorí ẹlòmíràn ni ó ṣe ìdájọ́ náà.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti èdè Yorùbá gan-an, òun ni arọ́pò-orúkọ. “Wọ́n” ni a fi ń bu ọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí Ìyáàfin Lágbájá bá kọ ọ́ nípa ara rẹ̀, òun ni ó ń bu ọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Bí ó bá sì kọ “ó”, tí atọ́kùn tí kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún wá kà á jáde bẹ́ẹ̀, yóò dà bí àfojúdi létí àwùjọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ó gbé iṣẹ́ náà síwájú, kí ó sì lo orúkọ níbi tí kò bá ti ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó tún kọ nìyí:

“Ìyáàfin Lágbájá ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní èdè Yorùbá ní Ìbàdàn láti ọdún 1998. Ìlù gángan ni ohun èlò tí Ìyáàfin Lágbájá fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní àmì ohùn. Olùkọ́ 11 láti ilé-ẹ̀kọ́ 4 ti wá kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọgbọ́n náà ti di ìwé olójú-ewé 40 tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lò. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí bí ìlù ṣe ń la ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́.”

Kò sí “ó”, kò sí “wọ́n”, kò sí “rẹ̀” nínú rẹ̀. Síbẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dúró ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn náà lè wádìí rẹ̀ wò. Ìwé-ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí Ìyáàfin náà ní kò sí níbẹ̀, nítorí kò sí ọ̀kan tí ó kan àmì ohùn nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìbẹ̀rù ìfọ́nnu sá wọ inú àṣìṣe mìíràn. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé “olùkọ́ kékeré kan tí kò tó nǹkan” ni òun, ńṣe ni ó ń mú kí olùgbọ́ ṣe kàyéfì ìdí tí wọ́n fi pè é. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ọdún 20, kí a kọ 20.

Kí Ìyáàfin Lágbájá tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ó fún olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó kà á sókè. Níbi tí òǹkàwé bá ti rẹ́rìn-ín, tàbí tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ti tẹrí ba, ibẹ̀ ni ìyìn ara ẹni ṣì lúgọ sí. Bí atọ́kùn bá wá fi “àgbà ọ̀jẹ̀” kún un fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àpérò, ẹnu tí ó yẹ ni ó ti jáde.