Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Sílẹ̀

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti ìyàwó mi ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn àfẹ́sọ́nà ní ìjọ wa ní Ìbàdàn, láti gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ohun tí a ń bá wọn sọ kò ṣàjèjì: ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, owó, ẹbí ọkọ àti ti ìyàwó, ọmọ bíbí, ìbálòpọ̀, iṣẹ́ ilé, àti bí a ṣe ń parí ìjà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá láìrí nǹkan kan mú dání, nítorí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni wọ́n fi ń dáhùn ohun gbogbo. Ẹni tí ó ti pín ìwé ìpè, tí ó sì ti san owó gbọ̀ngàn, ìwé ẹ̀rí ni ó wá gbà lọ́wọ́ wa, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ kí ẹbí tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nítorí bí àwọn àgbà bá ti jókòó tán, ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn padà. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ inú oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀. AS àti AC náà lè bí SC, tí òun náà jẹ́ àìsàn. A máa ń ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní ibi méjì, kí wọ́n má gbára lé èsì àtijọ́. Ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára gbọ́dọ̀ sọ fún aláyẹ̀wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè yí èsì rẹ̀ padà.

Bí ó bá kan owó, a kì í béèrè pé, "Ṣé ẹ ó máa ran òbí yín lọ́wọ́?" Ta ni yóò sọ pé òun kò ní ṣe é? Bébà ni a ń fún olúkúlùkù. Wọ́n á jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á kọ iye tí ó ń wọlé, iye tí ó ń jáde, gbèsè ọrùn wọn, àti ẹni tí wọ́n rò pé yóò máa san ohun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé bébà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àwọn méjì kan wá, ọkùnrin ń gba náírà 180,000 lóṣù, obìnrin ń gba 120,000. Ọkùnrin ń fi 30,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó sì ń ya 20,000 sọ́tọ̀ fún owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Obìnrin ń fún àwọn òbí rẹ̀ ní 10,000, ó tún ń san 25,000 lórí ẹ̀yáwó aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ọkùnrin kò gbọ́ rí. Èyí jẹ́ 85,000. A ṣírò owó ilé sí 50,000 lóṣù, oúnjẹ 90,000, ọkọ̀ wíwọ̀ 50,000, iná àti fóònù 20,000. Nínú 300,000, 5,000 péré ni ó kù. Bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ yá mílíọ̀nù kan fún àríyá, kí wọ́n máa san 50,000 lóṣù fún ogún oṣù. Lórí bébà obìnrin, ọkọ ni yóò san owó ilé. Lórí ti ọkùnrin, àwọn méjèèjì ni.

Wọ́n bínú lọ sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n ti fagi lé ẹ̀yáwó àríyá, wọ́n sì ti dín iye àlejò kù. Wọ́n ní àwọn yóò jọ san owó ilé, àti pé kò sí ẹni tí yóò fi kún owó tí ó ń fún ẹbí rẹ̀ láìkọ́kọ́ bá èkejì sọ̀rọ̀. Èyí sàn ju ìwàásù mẹ́wàá lọ lórí ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò ṣeé sọ lójú ara ẹni. Ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gbá létí rí kò ní sọ ọ́ níwájú onítọ̀hún. Nítorí náà, ẹ béèrè fún ìjókòó ẹnìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi olùgbaninímọ̀ràn pé, "Kí ni ẹ ó sọ fún àwọn òbí wa, kí ni ẹ kò ní sọ?" Bí ìdáhùn rẹ̀ bá lọ́ tìkọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Lílù kì í ṣe ohun tí a ń fi àdúrà àti ìmọ̀ràn ìjọ bò mọ́lẹ̀; ó tó ìdí láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó dúró.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ wá nígbà tí ẹ kò tíì dá ọjọ́ rárá. Ẹni tí kò tíì san owó gbọ̀ngàn ṣì lè dáhùn pé, "Rárá, sà."