Káàdì Mẹ́rin fún Àránmúpè

Bí ìdánwò fonọ́lọ́jì bá ń bọ̀, mo máa ń sọ orí ìwé kọ̀ọ̀kan di káàdì: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n fi fáwẹ́lì àránmúpè ṣe àpẹẹrẹ.

N kì í kọ “Ṣàlàyé fáwẹ́lì àránmúpè.” Ìdáhùn rẹ̀ á kún ojú ewé kan, bí mo bá rántí ìdajì, n kò ní mọ̀ bóyá mo gbà á tàbí n kò gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni káàdì kan ń béèrè.

“Ìgbà wo ni à ń kọ ọn?” Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè, bí i ìbọn.

“Ìgbà wo ni à ń kọ an?” Lẹ́yìn àwọn yòókù, bí i ìtàn.

“Ṣé ìró méjì ni wọ́n nínú Yorùbá àjùmọ̀lò?” Rárá, ìró kan ni, àkọtọ́ ló yà wọ́n.

Ènìyàn lè há mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí láìlóye. Nítorí náà, káàdì kẹrin máa ń lo ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú orí ìwé náà: “Kí ló dé tí a fi ń kọ gbọ́n, tí a kì í kọ gbán?” Ẹni tó bá dáhùn pé ètè wà lára ohun tí a fi ń pe gb ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́,” kó padà sí káàdì àkọ́kọ́.