Àwo kẹta

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní ọjà Kétu. Àwo kan jẹ́ 200 faranki. Awakọ̀ kan jẹ àwo méjì, ó fẹ́ dìde.

Mo ní: "Ọmọ mi, jẹ́ kí n bu ẹ̀kẹta."

"Ìyá, ó tó."

"Ṣé ọbẹ̀ ti yí padà ni?"

"Rárá o, ọbẹ̀ kan náà ni. Ebi mi ni kò rí bákan náà mọ́. Nígbà tí mo dé, bí ẹ bá pe àwo kan ní 400, n ó san án. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo lè san 250. Ẹ̀kẹta yìí, kò ju 100 lọ lójú mi."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 200 ni gbogbo àwa tó ń tà á ń gbà. Bí mo bá gba 400 lórí àwo kìíní, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò lọ.

Mo ní: "Mú 100 náà wá ńkọ́?" Kí n tó sọ ọ́ tán ni mo rántí pé ìrẹsì, epo àti igi ìdáná fún àwo kan ń gba 140 lọ́wọ́ mi. Mo bá dákẹ́.

Òun ló wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ dì í sínú ewé fún mi. Ọmọ mi kò tíì jẹun láti àárọ̀. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àwo kìíní ni."

Mo dì í. Ó san 200, kò ná an rárá.