Ọjà ọrọọrún àti ìwé iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀: ohun tí ojú wa rí nílé oúnjẹ wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

Ilé oúnjẹ kékeré ni àwa méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ní lójú ọ̀nà Kétu sí Pọ̀bẹ̀, nítòsí ọjà kan tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. Iyán, àmàlà, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni à ń tà. Ènìyàn 6 ló ń bá wa ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tó ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ṣì ń lọ sílé ìwé, ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, àwọn 4 yòókù ní oko tàbí ọmọ kékeré lọ́rùn.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyí. A pín ọjọ́ sí mẹ́ta: aago 7 sí 11, aago 11 sí 3, aago 3 sí 7. Wákàtí 4 yẹn la ń pè ní ìpín kan. Lójoojúmọ́ ìpín 5 la máa ń kọ, ọjọ́ ọjà o, ọjọ́ lásán o. Owó oṣù tí ìjọba Benin ní kò gbọdọ̀ dín ni 52.000 sẹ́fà fún ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá pín in, 300 sẹ́fà ni wákàtí kan, ìpín kan sì jẹ́ 1.200. Iye tí à ń san náà nìyẹn.

Lójú wa, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ ọjà, ọwọ́ wa kì í ká a, la bá máa fóònù. Ta la máa ń pè? Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ gan-an. Òun ló máa ń rí owó kékeré tí àwọn oníbàárà ń fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ní ọjọ́ tí ọjà dákẹ́, tí ènìyàn méjì bá jókòó láìríṣẹ́ ṣe, a máa ní kí ọ̀kan máa lọ sílé. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé obìnrin tó ń ti abúlé wá san 500 sẹ́fà fún alùpùpù, ó ṣe wákàtí 2, a fún un ní 600, a ní kó máa lọ. Kò bá wa jà. Ó kàn ń dákẹ́ sí wa ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ.

A gbìyànjú àtúnṣe àkọ́kọ́. A pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì: ẹgbẹ́ kan máa gbé ìnira ọjọ́ ọjà àti owó inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A rò pé ó ti parí. Ọmọ aránṣọ ló wá bá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọjọ́ ọjà wò."

A kà á. Ọrún tí àwọn baba wa ń kà, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 4 ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Tí ọjà bá bọ́ sí Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 gééré, ọjà 7, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pín sínú ọ̀sẹ̀: ọjà 2, ọjà 2, ọjà 2, ọjà 1. Ẹgbẹ́ tó ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkẹta ń rí 4, èkejì ń rí 3. Níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ 28 sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn kò ní kúrò títí láé. (Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni ti àwọn baba wa kẹ̀. Àwa la lọ gbé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lé orí ọjà wọn.)

Látìgbà náà, ọjọ́ 28 la ń fi ṣe ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ń lẹ̀ mọ́ ògiri. A kọ́kọ́ fi odidi ọjọ́ 28 ka abọ́ tí à ń tà ní ìpín kọ̀ọ̀kan sínú káyé. Ọjọ́ lásán kò gbà ju ìpín 4 lọ: ènìyàn 1 láàárọ̀, 2 lọ́sàn-án, 1 nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjà gba 5, torí pé àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń dé nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ ọjà gba 8: 2, 4, 2. Ẹ bá wa rò ó: ọjà 7 jẹ́ ìpín 56, ọjọ́ 7 tó ṣáájú wọn jẹ́ 35, ọjọ́ 14 yòókù jẹ́ 56. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 147. Tẹ́lẹ̀, 140 la ń kọ. Ìpín 7 péré la fi kún un, 8.400 sẹ́fà, a sì bọ́ lọ́wọ́ fóònù òjijì.

Ó wá ku pínpín. A bi kálukú ní iye tó fẹ́ àti ọjọ́ tí kò lè wá. Akẹ́kọ̀ọ́ gba 16, ọmọ aránṣọ 23, àwọn 4 yòókù gba 27 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ló le jù tó sì lówó jù, 28 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn bí ìkan nínú márùn-ún. Nítorí náà, ìkan nínú márùn-ún ìpín ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ ọjà: 5 fún ẹni tó ní 27, 4 fún ọmọ aránṣọ, 3 fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ibẹ̀ ló ti há. Àbámẹ́ta àti Àìkú nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ lè wá lọ́sàn-án, ọjà kì í sì bọ́ sí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọjọ́ 28. Kò lè rí ju 2 lọ. A sọ fún un kó tó gbà, a sì kọ gbèsè 1 síwájú orúkọ rẹ̀ títí di ìgbà ìsinmi ilé ìwé. Ìpín 2 ṣẹ́ kù. Ẹni 2 gbà wọ́n, wọ́n di 6, a kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gbà wọ́n ní ọjọ́ 28 tó ń bọ̀. Tí ìyàtọ̀ ẹni méjì tí ìpín wọn dọ́gba bá ti ju 1 lọ nínú káyé, a mọ̀ pé a ti ṣì í kọ.

A fi òfin díẹ̀ kún un. Ẹni tí a bá ti kọ orúkọ rẹ̀ gba owó ìpín rẹ̀ pé, bí oníbàárà kankan ò tiẹ̀ wọlé; àwa la ṣì í rò. Wọ́n lè ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ ọjà fún ọ̀sán ọjọ́ ọjà, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀kùn lọ́jọ́ ọjà kò ní ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin tó ń ti abúlé wá, ìpín méjì tó tẹ̀ léra la ń fún un lójúmọ́, kí owó alùpùpù lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tó ṣì ń já wa kulẹ̀ ni ìsìnkú ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sí nínú kàlẹ́ńdà ọjà, ọbẹ̀ á sì tán kó tó di aago 1. Àwa méjèèjì la ń gbọ́n ẹnu iṣẹ́ náà fúnra wa báyìí, a kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́. Obìnrin ẹ̀yìn ilé kọ́kọ́ bínú pé fóònù òun kò dún mọ́. Ó ka káyé, ó rí 5 tirẹ̀, ó rí 5 ti ará abúlé, ó ní ó dáa, àmọ́ kí a tún Àìkú òun wò torí ẹgbẹ́ akọrin. A tún un wò.