Àyà Títa Ni Tèmi, Ti Ẹ̀gbọ́n Kì Í Ṣe Bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ni ó kù kí ìmọ̀ràn mi pa ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ọdún 2023. Mo ń sọ ọ́ kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ nílé tiyín.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kí n tó máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Ìgbà náà ni mo tó ń jókòó ti ẹ̀bà, òkèlè ńláńlá pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí rẹ̀. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, orí bẹ́ẹ̀dì ni ó kàn. Kò ní pẹ́ tí nǹkan yóò fi máa jó mi bí iná láti òkè ikùn dé àárín àyà, tí omi kíkan yóò sì gun ọ̀fun mi. Bí mo bá dìde jókòó, a rọlẹ̀. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀, a tún dé. Mo rò pé àìsàn ọkàn ni, ẹ̀rù ikú sì bà mí.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń ya lílù ọkàn sórí ìwé wò mí. Ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ọkàn mi. Ó ṣàlàyé pé iṣan kan yí ẹnu ikùn ká bí òrùka, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pa dé nígbà tí oúnjẹ bá ti kọjá. Bí iṣan yìí bá dẹ̀, omi kíkan inú ikùn yóò gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, yóò sì máa jó o. Ẹ wo ìgò epo tí ìdérí rẹ̀ kò le: bí ó bá wà ní ìdúró, kò séwu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, epo a bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Dókítà ní kí n máa jẹ oúnjẹ alẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí 3 kí n tó dùbúlẹ̀, kí ó má sì pọ̀ jù. Ó ní kí n fi pákó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè ní ínǹṣì 6 sí 8. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo ti ń tò léra tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kò dára, nítorí ó ń ká ikùn pọ̀. Ó fún mi ní oògùn pẹ̀lú. Kí oṣù tó parí, mo ti ń sun oorun àsùnwọra.

Àfi bí mo ṣe sọ ara mi di oníṣègùn! Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹni ọdún 58 tí ń ta aṣọ lọ́jà, tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ fún mi pé àyà ń dun òun. N kò bi í ní ìbéèrè kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyà títa ni. Ẹ lo oògùn mi yìí, kí ẹ sì gbé bẹ́ẹ̀dì yín sókè."

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó wọn ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó, wọ́n gbá àyà mú, òógùn tútù bò wọ́n. Wọ́n ní, "Tíṣà, kò jó mi o. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù aṣọ lé mi láyà." Ìrora náà ti dé apá òsì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ni mo tó béèrè ìgbà tí ó máa ń dé. Kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbé aṣọ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ni. Bí wọ́n bá sinmi, a lọ. Ti àárọ̀ yẹn kọ̀, kò lọ, ó sì ti tó ogún ìṣẹ́jú.

Wọ́n fẹ́ tún mu oògùn mi kí a fi wò ó. Mo ní rárá, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwòrán ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n dókítà kò jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì tún gbà á lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó fi hàn pé ọkàn ti fara pa: ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ń bọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n wà láàyè lónìí. Ohun tí mo kọ́ ni pé èyí tí ń jó lẹ́yìn oúnjẹ, tí ń le sí i bí a bá dùbúlẹ̀, tí omi kíkan sì ń bá a rìn, àyà títa ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí ń tẹ àyà mọ́lẹ̀, tí ń dé nídìí iṣẹ́ agbára, tí ń ran apá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀yìn, pẹ̀lú òógùn tútù, èébì tàbí àìlèmí dáadáa, ọ̀ràn ọkàn ni kí ẹ kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì a máa jọra. Lára àwọn obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀ọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ àárẹ̀ àti mímí hẹlẹhẹlẹ nìkan. Nítorí náà, bí oògùn ikùn bá tilẹ̀ mú un rọlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn yè. Èmi kì í pín oògùn mi fún ẹnikẹ́ni mọ́.