Ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kan

Ẹ̀yin òbí àti ọmọ tó ń múra JAMB ní Lẹ́kí àti Ajah, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí la ó ti ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì wa.

Ìbéèrè 180 ló wà nínú JAMB, wákàtí 2 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ̀wé gan-an máa ń pẹ́ jù lórí Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìbéèrè 60, àkókò á sì tán lórí Físíìsì. Ìṣẹ́jú 30 là ń fún Gẹ̀ẹ́sì, 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Èyí tó bá le, ọmọ á tẹ N kó kọjá, á fi P padà wá. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà kó má fi ìkankan sílẹ̀ láìdáhùn.

Aago mẹ́jọ alẹ́ la ń bẹ̀rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ̀ǹpútà fún ìdánrawò. Ọwọ́ tó mọ fóònù nìkan máa ń falẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ẹ fi orúkọ ọmọ àti ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yàn ránṣẹ́ sí wa.