Ìpàdé Pàjáwìrì, Ẹ Má Pẹ́ O

Lónìí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rò o. Ẹ̀ṣẹ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn sí ìpàdé ni, ó sì ná àwọn ọmọ wa ní yàrá méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wá sọ́dọ̀ wa ní Yàbá, ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń kígbe, ìyá olùkọ́ náà á máa kígbe. Ní ọdún tó kọjá, yàrá méjì ṣófo lẹ́yìnkùlé wa gan-an. Owó ilé ọdún kan jẹ́ 1,800,000 náírà. Tí a bá fi owó àdéhùn àti ti éjẹ́ǹtì kún un, ó di 2,160,000. Onílé fún wa ní ọjọ́ 14, torí ẹlòmíì náà ń béèrè é. Owó tó wà lápò ìjọ nígbà yẹn jẹ́ 2,500,000, ṣùgbọ́n òrùlé gbọ̀ngán la ti yà á sọ́tọ̀ fún.

Mo gbé fóònù, mo kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù: “Ìpàdé pàjáwìrì fún gbogbo ìgbìmọ̀, Sátidé, aago mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ pàtàkì nípa ọjọ́ iwájú ìjọ. Ẹ má pẹ́ o.” Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Èèyàn 14 ló wà nínú ìgbìmọ̀, 11 wá. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe wá. Ìyá Ẹgbẹ́ Obìnrin ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ méjì, ó rò pé wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ìlú míì. Alàgbà kan rò pé ẹnì kan ló ti ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ti ń bínú kó tó jókòó. Akápò wá láìmú ìwé owó dání, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó ni. Olùkọ́ àwọn ọmọdé kò wá rárá, torí mi ò pè é, òun kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Wákàtí méjì la fi ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní ká lọ gbàdúrà sí i, gbogbo wa ṣe àmín.

Ìpàdé kejì, akápò mú ìwé owó wá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan béèrè pé tí a bá ná owó òrùlé, ṣé òrùlé náà lè dúró di ọdún tó ń bọ̀? Alàgbà tó ń bójú tó ilé nìkan ló lè dáhùn, ó sì ti rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn. A tún sún un síwájú. Nígbà tí a máa fi ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, éjẹ́ǹtì pè mí: “Pásítọ̀, ẹ má bínú, wọ́n ti sanwó.” Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ wa ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Inú bí mi sí ìgbìmọ̀. Mo ní wọn ò ní ìtara. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, ló wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí ni ẹ ní kí wọ́n wá pinnu?” Mo ní, “Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ni.” Ó ní, “Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pinnu, sà. Ìyẹn kàn jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀.”

Ó wá sọ fún mi pé òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti ọdún 2020, sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìpè. Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ pe ìpàdé gbogboogbò àwọn tó ni ín, ọjọ́ 21 ni ìwé ìpè gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ibi, ọjọ́ àti aago, kó sì sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, kó kún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gbà á fi máa lè pinnu bóyá òun á wá tàbí òun ò ní wá. Ohun tí wọn kò bá sì fi ìwé pe èèyàn sí, wọn ò lè ṣe é níbi ìpàdé náà. Ìgbìmọ̀ kékeré tiwa kì í ṣe ilé-iṣẹ́, òfin yẹn kò mú wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ mú mi. “Ọ̀rọ̀ pàtàkì nípa ọjọ́ iwájú ìjọ” kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pinnu ohunkóhun.

Àwọn baba wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tó bá gbà á ni yóò tú u. Ìwé ìpè ìpàdé kì í ṣe àrokò o.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ òrùlé fúnra rẹ̀ dé lọ́dún yìí, èmi àti akọ̀wé ìjọ jókòó, a kọ ìpè náà báyìí:

“Ìbéèrè: Ṣé kí a pààrọ̀ páànù gbọ̀ngán pátápátá kí òjò tó dé, àbí kí a kàn dí ibi tó ń jò?

Ìgbà àti ibi: Sátidé, aago 4:00 sí 5:15 ìrọ̀lẹ́, ní yàrá akọ̀wé.

Ohun tó wà nílẹ̀: Pípààrọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,300,000 náírà. Dídí i jẹ́ 420,000. Owó tó wà lápò jẹ́ 2,500,000. Ìwé iye owó káfíńtà méjèèjì wà nísàlẹ̀, ojú ewé kan-kan.

Kí ẹ tó wá: Ẹ ka ìwé méjèèjì. Akápò, ẹ mú ìwé owó dání. Alàgbà tó ń bójú tó ilé, ẹ bá káfíńtà gòkè kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Ẹni tó máa pinnu: Ìgbìmọ̀. Tí a bá ti pé mẹ́sàn-án, a ó pinnu. Ẹni tí kò bá lè wá, kó fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di alẹ́ Ẹtì.

Tí a kò bá pinnu: Káfíńtà ní òun ò lè di iye yìí mú kọjá ọjọ́ Ajé. A ó kàn dí i ni.”

A fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méje ṣáájú, a sì rán wọn létí ní alẹ́ Ẹtì.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí agbára rẹ̀ wà. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè yẹn. Ó wà lókè pátápátá, torí ìlà àkọ́kọ́ ni èèyàn máa ń rí lójú fóònù kó tó ṣí i. Ó sì ní “ṣé” àti “àbí” nínú, ó túmọ̀ sí pé ìdáhùn kan wà tí a máa mú kúrò níbẹ̀. Ká ní mo kọ “ọ̀rọ̀ òrùlé”, ẹnì kan á wá sọ ìtàn bí a ṣe kọ́ gbọ̀ngán náà.

Èkejì ni pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún oníkálùkù kó tó kúrò nílé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arákùnrin kan ka ìwé iye owó náà, ó fi han àna rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, ìyẹn sì rí i pé kò sí owó pákó nínú rẹ̀. Alàgbà tó gòkè náà rí i pé pákó ti jẹrà ní apá ibi pẹpẹ. Káfíńtà fi 180,000 kún un. Ó di 2,480,000. Ká ní orí ìjókòó la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni, a ò bá tún ti sún ìpàdé náà síwájú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ti mọ iye náà kí a tó jókòó. Ìṣẹ́jú 50 la lò. A ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, akápò ni yóò san apá kìíní, alàgbà ni yóò dúró ti iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ìlà ìkẹyìn, “tí a kò bá pinnu”. Èyí ló dùn mí jù. Nínú ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo ń ka ọjọ́ 14. Àwọn yòókù rò pé sísún un síwájú kò ná wa ní nǹkan kan.

Ó ku ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹ rí i pé mi ò kọ èrò tèmi sínú ìpè náà. Ní ìjọ wa, tí Dádì bá ti kọ èyí tó wù ú, ta ló máa jiyàn? Wọ́n á kàn wá ṣe àmín. Akọ̀wé ló kọ ọ̀nà méjèèjì, èmi ni mo sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ra fún “ọ̀rọ̀ mìíràn” tó máa ń wà nísàlẹ̀ ètò ìpàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn tó ti rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ lè sọ ọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í pinnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹnì kan, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sójú gbogbo èèyàn. Ẹ kọ “ọ̀rọ̀ ìbáwí kan, kò kan owó”, kí ẹ pe àwọn tó kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sì sí ohun tí ẹ fẹ́ pinnu, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn sinmi nílé.

Nehemáyà náà, kó tó pe àwọn èèyàn láti wá mọ odi, ó ti kọ́kọ́ jáde lóru, ó lọ wo ibi tó wó àti ẹnubodè tó jóná. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, àwọn náà sì mọ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin alága àdúgbò, kí ẹ tó fi ìpè yín ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kà. Ẹ bi í pé, “Kí la fẹ́ pinnu? Kí ni wàá ṣe kó o tó wá?” Tí kò bá lè dáhùn, ẹ tún un kọ.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ó ku àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ìpè ìpàdé tiwọn ti jáde lánàá. Olùkọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ọjọ́ á dára o.